Àsọyé géèmù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí a ṣe ń kọ ọ́ tí kò fi ní wọ òǹwòran lọ́rùn

Kúbwá ní Àbújá ni mo ti ń ṣe fídíò géèmù lédè Yorùbá. Àwọn tó ń béèrè bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ sínú rẹ̀ wà ní Àbújá níbí, wọ́n wà ní Kàdúná, ní Kánò àti ní Jọ́ọ̀sì, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì sábà máa ń bi mí. Mo kó wọn jọ síbí. Géèmù kan ṣoṣo, Plants vs. Zombies, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ṣé dandan ni ká kọ nǹkan sílẹ̀? Ṣebí kéèyàn kàn máa sọ̀rọ̀ bó ṣe ń gbá a ni?

Ẹni tó mọ géèmù dáadáa gan-an ló nílò àkọsílẹ̀ jù. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn débi pé kò mọ̀ mọ́ pé òun ń pinnu nǹkan. Ó gbin òdòdó, ó ṣa oòrùn, ó bojú wo poro kejì, kí ẹlòmíì tó mí kanlẹ̀. Ohun tó máa wá ti ẹnu rẹ̀ jáde ni "mo fi eléyìí síbí, mo fi ìyẹn sọ́hùn-ún." Òǹwòran ti fojú rí ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ìdí tó fi ṣe é ló ń wá, ìdí náà ni kò gbọ́.

Tí ẹ bá jókòó kọ ọ́, ẹ ó rí ibi tí ìdí ti sọnù. Mo máa ń kọ́kọ́ gbá ìpele náà láìsọ̀rọ̀, màá gbà á sílẹ̀, màá wá wò ó padà pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Gbogbo ibi tí mo ti ṣe ohun kan nígbà tí mo lè ṣe òmíràn ni mo máa ń sàmì sí. Àwọn ibẹ̀ ni àsọyé mi. Ìyókù kò nílò ọ̀rọ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Plants vs. Zombies?

Ọdún 2009 ni ilé-iṣẹ́ PopCap gbé e jáde, ó sì wà lórí kọ̀ǹpútà àti fóònù. Àwọn sọ́ńbì, ìyẹn òkú tó ń rìn, ń ti apá ọ̀tún bọ̀ wá sí ilé wa lápá òsì, ewéko la sì ń gbìn láti fi dá wọn dúró. Gbogbo pápá ló hàn lójú kan náà. Kò sí pé kámẹ́rà ń yí kiri tí orí ẹni tó ń wò ó á fi máa pòòyì.

Ìdí tó ṣe pàtàkì jù lọ́dọ̀ mi ni pé oko ni. Poro márùn-ún ló wà níbẹ̀, ojú ebè mẹ́sàn-án sì wà lórí poro kọ̀ọ̀kan. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún gbogbo rẹ̀ kí géèmù tó dé. Á yé màmá tó ń dáko lẹ́yìn Gwágwáládà ju ọmọ rẹ̀ lọ tí mo bá ní "ẹ gbìn ín sí ebè kejì, lórí poro kẹta."

Ṣé kí n túmọ̀ orúkọ àwọn ewéko ni àbí kí n pè wọ́n bó ṣe wà lójú géèmù?

Méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ so wọ́n pọ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí ewéko bá yọ, màá pe orúkọ tó wà lójú rẹ̀, torí òun ni òǹwòran máa wá tó bá dé orí fóònù tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, màá fún un lórúkọ tó ń sọ iṣẹ́ rẹ̀, èyí ni màá sì máa pè é títí fídíò á fi parí. Peashooter ń tu kóró sára sọ́ńbì, nítorí náà Atukóró ni. Sunflower ni Òdòdó Oòrùn. Wall-nut ni Àsálà, torí àsálà náà ni lóòótọ́, tí èèpo rẹ̀ le tí eyín kò fi tètè ràn án.

Ẹ má ṣe pààrọ̀ orúkọ láàárín ọ̀nà. Mo ti gbọ́ àsọyé kan tí Atukóró di "ìbọn," ó di "ẹni wa," ó tún di "ọ̀gá," nínú ìṣẹ́jú méjì. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á kà á sí ẹwà èdè. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á máa wá ewéko mẹ́rin.

Àwọn ọ̀rọ̀ bíi "kúúldáànù," ìyẹn àsìkò tí a fi ń dúró kí a tó lè lo nǹkan lẹ́ẹ̀kejì, àti "dípíẹ́ẹ̀sì," ìyẹn ìwọ̀n ìpalára láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ńkọ́? Ṣé kí n pa gbogbo wọn tì?

Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: ṣé òǹwòran lè fojú rí ohun tó ń sọ? Tó bá lè rí i, ẹ ṣàpèjúwe ohun tó rí, kí ẹ sì gbàgbé orúkọ rẹ̀. Tí ẹ bá ti gbin ewéko, káàdì tí ẹ fi yàn án lókè máa ń ṣókùnkùn, á sì máa mọ́lẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ sọ pé "káàdì náà ṣì dúdú, ẹ jẹ́ ó mọ́lẹ̀ ná" ti tó. Kò sí ohun tí "kúúldáànù" fi kún un.

Bákan náà ni fún ẹ̀mí sọ́ńbì. Sọ́ńbì lásán á kú tí kóró mẹ́wàá bá bà á, apá rẹ̀ kan á sì já ní nǹkan bí ìdajì ọ̀nà. Nítorí náà, "apá rẹ̀ ti já, ó ku ìdajì" ni mo máa ń sọ. Òǹwòran á fúnra rẹ̀ máa wá apá tó já ní poro mìíràn láìjẹ́ pé mo tún ránnu bà á.

Tí òǹwòran kò bá lè fojú rí i, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìpinnu kankan dúró lé e lórí nínú ìpele yẹn. Púpọ̀ nínú wọn, kò sí. Ẹ jù wọ́n nù. Ọ̀kan tàbí méjì tó bá kù ni kí ẹ dúró ṣàlàyé, kì í sì í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ fídíò. Ibi tí àìmọ̀ rẹ̀ ti fẹ́ ná wa ní nǹkan ni kí ẹ ti sọ ọ́.

Ohun tuntun mélòó ló yẹ kó wà nínú fídíò kan?

Mẹ́ta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn. Géèmù yìí gan-an kọ́ mi, torí òun náà kì í dà á lé wa lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ìpele 1-1, poro kan ṣoṣo ló fún wa, Atukóró nìkan ló sì wà. Ní 1-2, poro di mẹ́ta, Òdòdó Oòrùn dé. Ní 1-3, Cherry Bomb, tó jẹ́ bọ́ǹbù, wọlé. Ó di 1-4 kí poro tó pé márùn-ún, tí Àsálà náà sì dara pọ̀. Àwọn tó ṣe géèmù ti ṣètò ẹ̀kọ́ náà, ẹni tó ń ṣe àsọyé kàn ní láti má sáré ṣíwájú rẹ̀ ni.

Báwo ni mo ṣe lè ṣàlàyé ìdí tí a fi ń gbin Òdòdó Oòrùn ṣáájú Atukóró?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àsọyé ti ń fò kọjá, bẹ́ẹ̀ òun ni ìdí gbogbo géèmù náà. Oòrùn ni owó wa. Òdòdó Oòrùn jẹ́ 50, Atukóró jẹ́ 100. Òdòdó kan máa ń so oòrùn 25 ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 24 sí ara wọn. Tó bá so lẹ́ẹ̀mejì, owó tí a fi rà á ti padà. Èrè ni gbogbo ohun tó bá so lẹ́yìn náà, títí ìpele á fi parí.

Mi ò kì í lo ọ̀rọ̀ ètò ọrọ̀ ajé rárá. Ohun tí mo máa ń sọ ni: "Ẹni tó bá ní ẹgbàá náírà lọ́jà Wúsè, tó fi gbogbo rẹ̀ ra kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, ó ti dáàbò bo ṣọ́ọ̀bù tí kò sí ọjà nínú rẹ̀. Ọjà ni kó kọ́kọ́ rà." Gbólóhùn méjì yìí ti tó. Lẹ́yìn rẹ̀, mo máa ń dákẹ́ kí òdòdó àkọ́kọ́ so lójú wọn, kí wọ́n fojú ara wọn rí owó tó ń wọlé.

Ẹ má ka gbogbo iye wọ̀nyẹn fún òǹwòran. Èmi ni mo nílò 24, kí n lè mọ ibi tí màá ti sọ̀rọ̀ àti ibi tí màá ti dákẹ́. Òun nílò 50 àti 100, torí pé wọ́n wà lójú káàdì tó fẹ́ tẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ àpẹẹrẹ kan sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìpele 1-4 nìyí, níbi tí poro ti kọ́kọ́ pé márùn-ún. Láti ẹ̀gbẹ́ ilé ni mo ti ń ka ebè, nítorí náà ebè kìíní ló sún mọ́ ilé jù. Ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe ni mo kọ lọ́nà tó dà gẹ̀gẹ̀rẹ̀.

> "Ẹ wo òkè lápá òsì. Oòrùn 50 la ní. Atukóró jẹ́ 100, apá wa ò ká a. Òdòdó Oòrùn jẹ́ 50. Ó tó o."
>
> *Mo gbìn ín sí poro kẹta, ebè kìíní. Mo dákẹ́.*
>
> "Owó ti tán lọ́wọ́ wa. Ẹ má dààmú. Ẹ máa wo ojú ọ̀run."
>
> *Oòrùn kan já bọ́, mo tẹ̀ ẹ́. Òdòdó so, mo tẹ ìyẹn náà.*
>
> "25 láti ojú ọ̀run, 25 láti ọwọ́ òdòdó. 50 ti pé. Òdòdó kejì."
>
> *Mo gbìn ín sí poro kejì, ebè kìíní. Sọ́ńbì yọ lápá ọ̀tún, ní poro kejì yìí kan náà.*
>
> "Àlejò ti dé, poro kejì ló gbà. Ọ̀nà rẹ̀ ṣì jìn. Mi ò ní í ra Atukóró báyìí."
>
> *Mo ṣa oòrùn méjì, mo gbin òdòdó kẹta. Mo dákẹ́, mo ń ṣa oòrùn.*
>
> "Ó ti ń sún mọ́ ebè kẹfà. 100 ti pé lọ́wọ́ wa. Ó yá, Atukóró sí iwájú òdòdó, ní poro kejì."
>
> *Mo gbìn ín sí ebè kejì. Mo dákẹ́ títí apá sọ́ńbì fi já.*
>
> "Apá rẹ̀ ti já. Ó ku ìdajì."

Ẹ kíyè sí i pé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kúrú, àti pé ohun tí a rí ló ṣáájú, ìpinnu ló tẹ̀lé e. Mi ò sọ ìdí tí mo fi yan poro kẹta fún òdòdó àkọ́kọ́, torí pé kò sí ìdí kan tó lágbára. Ẹ má wá ìdí fún ohun tí kò ní ìdí.

Tí oòrùn kò bá tètè já bọ́ tí 100 kò sì tíì pé nígbà tí sọ́ńbì dé ebè kẹfà, ẹ fi òdòdó kẹta sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá tún un gbà. Ẹ má ṣe rọ́ àsọyé mọ́ ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ebè kẹfà ni? Wọ́n máa ń bi mí, mi ò sì mọ ohun tí màá sọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè fọkàn balẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ ọ́. Atukóró máa ń tu kóró kan ní bíi ìṣẹ́jú àáyá kan àtààbọ̀. Kóró mẹ́wàá ló ń pa sọ́ńbì lásán, èyí jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15. Sọ́ńbì náà sì ń lò tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lórí ebè kan. Kí Atukóró tó pa á tán, á ti rin ebè mẹ́ta.

Bí Atukóró bá wà ní ebè kejì, tí a sì gbìn ín nígbà tí sọ́ńbì wà ní ebè karùn-ún, ẹsẹ̀ sọ́ńbì á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ewéko kó tó ṣubú. Mo fi ebè kan kún un fún ìfura. Bó ṣe di ebè kẹfà nìyẹn.

Ohun tí òǹwòran máa gbọ́ nínú gbogbo ìṣirò yìí kò ju gbólóhùn kan lọ: "Tí kò bá tíì kọjá ebè kẹfà, ẹ ṣì lè ra òdòdó." Tí ẹnì kan bá wá béèrè ìdí, ẹ ní ìdáhùn tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gbà gidigidi pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn: kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ̀ ju ohun tó ń sọ lọ, kó sì fi ìyókù sínú.

Sọ́ńbì tó dé kóònù sórí dé, òfin ebè kẹfà kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Ṣé mo ti parọ́ fún wọn ni?

Rárá, ṣùgbọ́n ẹ ti sọ òfin náà láìsọ ibi tó parí sí. Conehead Zombie ni orúkọ rẹ̀. Kóònù tó dé sórí dà bí èyí tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó máa ń tò sójú ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná níbi tí wọ́n bá ti ń tún un ṣe. Kóró 28 ló ń pa á. Ẹ fi ìṣirò tí a ṣe lókè sí i: ó ti lé ní ìṣẹ́jú àáyá 40, nínú èyí tó lè rin ebè mẹ́jọ. Atukóró kan ṣoṣo kò lè dá a dúró àfi tí ẹ bá ti gbìn ín ṣáájú kó tó yọ, ìyẹn gan-an sì gba oríire.

Ọ̀nà àbáyọ méjì ló wà, ọ̀kan ṣoṣo ni mo sì máa ń kọ́ wọn nínú fídíò àkọ́kọ́. Ẹ lè gbin Atukóró kejì sí poro yẹn. 100 nìyẹn. Ẹ sì lè gbin Àsálà síwájú rẹ̀. 50 péré ni. Sọ́ńbì á dúró máa gé Àsálà jẹ, Atukóró á sì máa tu kóró lù ú nígbà tí kò kúrò lójú kan. Èyí ni mo máa ń yàn, nítorí pé ojú lásán rí ìdí rẹ̀, mi ò ní láti ṣàlàyé púpọ̀. "Ẹ fún un ní nǹkan jẹ kó má bàa rìn" ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi.

Ní ti òfin ebè kẹfà, láti ọjọ́ kìíní ni mo ti máa ń sọ ọ́ báyìí: "Tí ohunkóhun kò bá sí lórí sọ́ńbì, ẹ lè dúró títí dé ebè kẹfà." Ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn ni mo fi kún un ní iwájú. Tí kóònù bá wá yọ, òǹwòran fúnra rẹ̀ ló máa pariwo pé nǹkan wà lórí èyí.

Nígbà tí "A huge wave of zombies is approaching" bá yọ, ìyẹn pé ọ̀pọ̀ sọ́ńbì ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo nǹkan á dàrú. Kí ni kí n máa sọ?

Díẹ̀. Poro kan ni kí ẹ máa sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tó léwu jù, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn yòókù máa lọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn fẹ́ ka gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹni ń sọ bọ́ọ̀lù lórí rédíò. Lórí rédíò, olùgbọ́ kò rí pápá. Òǹwòran tiwa rí i.

Mo máa ń kọ apá yìí lẹ́yìn tí mo bá ti gbá a tán, mi ò kì í sọ̀rọ̀ nígbà tí ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Mo máa ń ka ohùn lé fídíò náà lórí. Níbi tí mo bá ti lo Cherry Bomb, mo máa ń dá àwòrán dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta: "Oòrùn 150 ni bọ́ǹbù yìí. Àwọn tó wà lójú ebè tó yí i ká nìkan ló lè pa. Mo dúró kí wọ́n kó jọ ná." Àwòrán á wá máa lọ, ìbúgbàù á sì parí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo lè dákẹ́ kí wọ́n má bàa sá lọ?

Ìdákẹ́jẹ́ kì í lé wọn tí nǹkan bá ń ṣẹlẹ̀ lójú pápá. Bí mo bá ń ka ọ̀rọ̀ sókè láìsáré, ọ̀rọ̀ 20 ló máa ń gbà mí ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Nítorí náà, mo máa ń ka ọ̀rọ̀ tó wà láàárín òdòdó kan sí òmíràn. Tó bá ti ju 25 lọ, mo mọ̀ pé ẹnu mi á ṣì máa sọ ohun tó ti kọjá nígbà tí ohun tuntun ti ń ṣẹlẹ̀. Mo gé e kúrú.

Mo ṣe àṣìṣe nínú géèmù. Ṣé kí n gé e kúrò?

Tó bá jẹ́ ìka ló yọ̀, ẹ gé e. Tó bá jẹ́ ìpinnu ló burú, ẹ fi sílẹ̀. Ìgbà kan mo gbin òdòdó márùn-ún tẹ̀lé ara wọn láìní Atukóró kankan, sọ́ńbì sì dé ilé ní poro karùn-ún. Ẹ̀rọ agékoríko tó wà lẹ́nu ilé ló gbà mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni ẹ̀rọ yẹn ń ṣiṣẹ́ lórí poro kọ̀ọ̀kan. Mo fi í sílẹ̀, mo sì sọ lórí rẹ̀ pé: "Òdòdó mẹ́ta ti tó kí n wá Atukóró. Mo ra méjì lé." Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún bi mí pé òdòdó mélòó ló yẹ kó ṣáájú Atukóró.

Àwọn ọmọ wa ní Àbújá kò gbọ́ Yorùbá tán. Ṣé kí n máa da Gẹ̀ẹ́sì àti Háúsá pọ̀ mọ́ ọn?

Ohun tí wọ́n ń rí lójú á ràn wọ́n lọ́wọ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí kò mọ "poro" á mọ̀ ọ́n kí ìṣẹ́jú kejì tó pé, tí ẹ bá ń tọ́ka sí i ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pè é. Ọ̀rọ̀ tí kò ní àwòrán ló máa ń dá wọn dúró: "bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé," "nípasẹ̀ èyí tí," àti irú wọn. Ẹ yọ àwọn yẹn, ẹ fi "poro" àti "ebè" sílẹ̀.

Ní ti ẹ̀ka èdè, àwọn òǹwòran wa láti Kàbà, láti Ìlọrin, láti Èkìtì, kò sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún gbogbo nǹkan. Ìdí nìyẹn tí mo fi yan "kóró" dípò ẹ̀wà. Ẹlòmíràn á ní erèé ni, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí oúnjẹ.

Ariwo jẹnẹrétọ̀ ń kó bá ohùn mi.

Ẹ gbá géèmù nígbàkigbà, ẹ ka ohùn nígbà tí iná bá wà tàbí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí àdúgbò tó jí. Bí ohùn ṣe yàtọ̀ sí àwòrán, wọn kò ní láti jẹ́ ti ọjọ́ kan náà.

Àwọn tó ti mọ géèmù ń kọ̀wé pé mo ń falẹ̀, pé mi ò pe nǹkan lórúkọ. Ṣé kí n yí padà?

Fídíò náà kì í ṣe tiwọn, ẹ sì lè sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ ẹ̀sùn wọn wò. Nígbà mìíràn, ohun tí wọ́n ń pè ní ìfalẹ̀ jẹ́ pé mo ń sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mẹta. Ní òdòdó kìíní, mo sọ ìdí. Ní ìkejì, mo kàn dárúkọ iye. Ní ìkẹta, n kò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan mọ́, òǹwòran ló kù kó sọ ọ́ fún ara rẹ̀.

Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ti pọ̀ jù?

Ẹ má béèrè pé "ṣé ó yé yín?" Gbogbo èèyàn ló máa ní ó yé òun. Mo máa ń fi fídíò han ẹnì kan tí kò gbá a rí, màá gbé fóònù fún un lórí ìpele kan náà, màá sì pa ẹnu mi mọ́. Ohun mẹ́ta ni mo máa ń wò: ṣé òdòdó ló kọ́kọ́ gbìn, ṣé ó dúró kí sọ́ńbì sún mọ́ kó tó ra Atukóró, ṣé poro tí sọ́ńbì wà ló gbìn ín sí?

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni mo kọ́kọ́ dán an wò lára. Ó gbin òdòdó dáadáa, ó sì dúró. Ṣùgbọ́n gbogbo Atukóró rẹ̀ ló gbìn sí poro kẹta, nígbà tí sọ́ńbì ń rìn lórí poro kìíní. Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?" Ó ní, "Àárín ni mo fi í sí kó lè yìn ín sí gbogbo ibi." Mi ò tíì sọ nínú fídíò náà pé kóró kì í yà kúrò lórí poro rẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rántí pé ẹlòmíràn lè má mọ̀ ọ́n. Mo ti lo ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lórí káàdì tó ń ṣókùnkùn, n kò lo ẹyọ kan lórí ìyẹn. Mo gé àwọn mẹ́wàá náà, mo fi gbólóhùn kan rọ́pò wọn: "Orí poro tirẹ̀ nìkan ni Atukóró ń rí."

Ìpele alẹ́ dé, oòrùn kò já bọ́ láti ojú ọ̀run mọ́. Gbogbo ohun tí mo ti kọ́ wọn wó lulẹ̀.

Kò wó. Ìpele 2-1 ni alẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, òótọ́ sì ni pé oòrùn kì í já bọ́ níbẹ̀, ohun tí ẹ bá gbìn nìkan ló ń so ó. Ẹni tó bá ti kọ́ wọn pé "ẹ máa wo ojú ọ̀run" gẹ́gẹ́ bí òfin ló wà nínú wàhálà. Ẹni tó bá kọ́ wọn pé "ẹ kọ́kọ́ ra ohun tó ń mówó wọlé" kò ní láti yí ọ̀rọ̀ padà: òwò náà ló kàn le sí i, torí pé owó ọ̀fẹ́ ti tán.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ alẹ́, mo máa ń sọ ohun tó yí padà ní gbólóhùn kan, màá sì sọ ohun tí kò yí padà ní òmíràn. "Ojú ọ̀run kò ní fún wa ní nǹkan kan lálẹ́ yìí. Ohun tó ń mówó wọlé ló ṣì ń ṣáájú." Lẹ́yìn náà ni mo máa fi Puff-shroom hàn wọ́n, olú kékeré tó ń yìnbọn, tí iye rẹ̀ jẹ́ 0. Ó kéré, kò lè ta ọta jìnnà, ṣùgbọ́n òun ni ìbọn tí a lè rà nígbà tí gbogbo oòrùn wa ti lọ sórí ohun tó ń so.

Sun-shroom ńkọ́? Ẹ̀yìn 2-1 ló máa ń wọ ọwọ́ wa. 25 ni iye rẹ̀, oòrùn kékeré ló sì máa kọ́kọ́ so kó tó dàgbà. Mi ò kì í dárúkọ rẹ̀ nínú fídíò 2-1 rárá, bó ti wù kí ó máa yọ mí lẹ́nu tó láti sọ. Inú fídíò 2-2 ló wà, níbi tí òǹwòran ti máa rí káàdì rẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀.